Ère Tí Wọ́n Tẹ̀ Pẹlẹbẹ

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú àmójútó àwọn èèyàn Rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ni orókùn mi wà. Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàdúrà kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín má ṣe dí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá lọ́wọ́, nítorí mo mọ̀ pé bí ẹ ò bá dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá orin. Bọ̀ọ̀dá Délé, mo kí yín àti ìyàwó yín. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo kí ẹ̀yin náà, ẹ̀yin tí ẹ ó ti ka lẹ́tà yìí tán nínú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì wa kí Bàbá tó rí awò ojú wọn.

Mo mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ kì í fèsì fún bàbá rẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n Bàbá, gbangba lẹ ti sọ tiyín. Bọ̀ọ̀dá Délé kọ̀wé sí mi pé ẹ gbé fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sókè níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ, fọ́tò Pétérù Àpọ́sítélì tí mo yà sórí pátákó fún ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gíríìkì níbí. Wọ́n ní ẹ sọ pé ère ni, ère tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ ní ojú rẹ̀ tóbi ju ti èèyàn lọ, imú rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kanlẹ̀. Ẹ ní ọmọ tí a rán lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán kò yẹ kó padà di ẹni tó ń yàwòrán bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ká má tíì wá sọ pé òrìṣà ló ń yà. Ẹ wá pinnu pé títí n ó fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ ò ní dárúkọ mi mọ́ níbi àdúrà òwúrọ̀ nílé.

Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu yín kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, nígbà tí oorun ṣì wà lójú mi tí mo ń fi orí ti Àǹtí Bísí léjìká. Ní Houston yìí, níbi tí mo ti lè wà látàárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi dáadáa, mo máa ń ronú pé ẹnì kan wà nílé tó ń pè é fún Ọlọ́run. Mo sunkún nígbà tí mo ka lẹ́tà náà. Nígbà tí mo sunkún tán, mo wẹ ojú mi, mo sì jókòó láti ṣàlàyé ara mi. Mi ò ní fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹ rò pé agídí lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, inú Galleria ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìtajà ńlá tó ní yìnyín nínú, tí àwọn èèyàn ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí òde ń gbóná bí ààrò. Mo ní àga méjì àti pátákó ìyàwòrán kan. Ẹni tó bá fẹ́ á jókòó, màá fi èédú ya ojú rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ní pólì ni mo ń lò níbẹ̀: òjìji lábẹ́ àgbọ̀n, òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí ètè. Mo máa ń ní kí wọ́n yíjú díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí kò sí ojú tí kì í rẹwà tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Inú wọn máa ń dùn, wọ́n á san owó wọn, wọ́n á lọ. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì, tí Houston fi ń jẹun, já wálẹ̀. Àwọn tó ń ra àwòrán kó ẹrù wọn kúrò nílùú, àwọn apartment ṣófo, ọjọ́ máa ń kọjá tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó sórí àga mi. Obìnrin Gíríìkì kan tí mo ti ya ọmọ rẹ̀ rí ló sọ fún mi pé ẹni tó ń ya àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ń wá ẹni tó mọ àwòrán yà láti ràn án lọ́wọ́.

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Níkós nìyẹn. Àgbàlagbà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yín lọ́jọ́ orí, ó sì le koko bíi yín. Owó tó ń san kò tó ti Galleria nígbà tó dára, ṣùgbọ́n ó ń san án déédéé, mo sì ń jẹun. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni, kó wá wò ó. A óò fi aṣọ funfun bo pátákó, a óò po ẹfun mọ́ gúlúù tí wọ́n fi awọ ẹran sè, a óò fi kùn ún, a óò dúró kó gbẹ, a óò tún kùn ún, títí yóò fi dán bí eyín. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó lẹ wúrà tó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ kòkòrò mọ́ ọn lára. Èémí ẹnu la fi ń rin amọ̀ pupa tí a kùn sábẹ́ wúrà náà kó lè lẹ̀. Ọ̀gá máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé Houston ti ń bá wa mí sí i, nítorí afẹ́fẹ́ ibí tutù rinrin débi pé ẹfun kì í tètè gbẹ, aṣọ téèyàn sá lálẹ́ á ṣì tutù láàárọ̀. Pupa ẹyin la fi ń po ọ̀dà. A óò yí i láti ọwọ́ kan sí èkejì títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ, a óò gbá awọ rẹ̀ mú, a óò gún un, a óò jẹ́ kó ṣàn sínú àwo.

Oṣù díẹ̀ tí mo débẹ̀, Ọ̀gá gbé pátákó kékeré kan fún mi pé kí n parí ojú Màríà Magdalẹ́nì. Mo wo àpẹẹrẹ tó gbé síwájú mi, ó sì ṣe mí láàánú. Obìnrin náà kọjú síwájú gbọnrangandan, kò ní òjìji kankan, ojú rẹ̀ là kalẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé àwọn èèyàn àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n yà ni, wọ́n ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn mọ. Ohun tí ẹ̀yin náà rò ò ju ohun tí èmi rò lọ, Bàbá, nítorí náà mi ò lè bínú sí yín. Nígbà tí Ọ̀gá jáde, mo tún un ṣe. Mo yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, mo jẹ́ kó máa wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Fèrèsé wà lápá òsì mi, mo sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé náà bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo wá fi òjìji sí apá kejì. Ó rẹwà. Ká ní Galleria ni, wọn ì bá tò láti rà á.

Ọ̀gá wọlé, ó wò ó pẹ́. Ó ní ọwọ́ mi dára o, ó ní obìnrin tó rẹwà gidi ló dúró lẹ́bàá fèrèsé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dúró níwájú rẹ̀ kí n gbàdúrà. Mo dúró. Ó bi mí pé ta ni obìnrin náà ń wò. Mo ní kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bọ́ sí apá kejì ṣọ́ọ̀ṣì, òjìji ta ni èyí tí mo yà yẹn máa jẹ́. Ó fún mi ní abẹ pé kí n fi ọwọ́ ara mi ha á kúrò. Ó ní kí n wá lọ sílé, kí n má padà wá àfi tí mo bá lè sọ ohun tó fà á tí àwọn tó ya tàtijọ́ ò fi ṣe bí mo ti ṣe, kí n má sì sọ fún òun pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo lọ sílé tìbínú-tìbínú. Ọ̀sẹ̀ yẹn nira fún mi. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, mo kàn ń gbọ́ ariwo mọ́tò lórí freeway ni, kò sì sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sunday, ọ̀rẹ́ mi kan, nọ́ọ̀sì ọmọ Iléṣà, wá fi mọ́tò gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ń ṣe lápá Humble. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn àwọn aláṣọ funfun, ẹ má bínú. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, mo rí ọkùnrin kan tí mo mọ̀, ẹnjiníà ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní The Woodlands lọ́dọ̀ àwọn olówó, bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo lè ra gbogbo aṣọ mi. Ó bọ́ bàtà náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ sùtánà funfun dé kókósẹ̀, ó sì lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ. Téèyàn bá wo àwọn méjèèjì láti ẹ̀yìn, kò ní mọ èyí tó lówó.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí ọ̀rọ̀ náà là yé mi. Àlejò tó bá kọjá lè sọ pé àwọn wọ̀nyí ò ní bàtà. Wọ́n ní bàtà. Wọ́n bọ́ ọ ni, nítorí ibi tí wọ́n ń wọ̀. Mo wá bi ara mi pé bó bá jẹ́ pé àwọn Gíríìkì náà bọ́ òjìji sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?

Mo padà lọ bá Ọ̀gá, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò yìn mí, kì í yin èèyàn. Ó kàn ṣí ìwé ńlá kan, ó fi àwòrán ojú àwọn òkú hàn mí, èyí tí wọ́n yà sórí pátákó láti fi bo ojú òkú ní Íjíbítì nígbà tí àwọn ará Róòmù ń ṣàkóso ibẹ̀. Bàbá, òjìji wà lára wọn, ojú wọn ń tàn, èèyàn á rò pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwòrán mímọ́ ti jáde wá. Àwọn baba ńlá iṣẹ́ náà mọ òjìji, wọ́n mọ bí a ti ń jẹ́ kí ara yọ. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n fi í sílẹ̀, kò sì sí òfin kan tó ní kí wọ́n ya ohun gbogbo pẹlẹbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò, láti ìran dé ìran, nítorí ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀.

Ó wá ṣàlàyé fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjìji kì í sí nítorí ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán náà kì í ṣe ti oòrùn, kì í ṣe ti fìtílà, ti Ọlọ́run ni, kò sì ní ibi kan pàtó tó ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí wúrà fi wà lẹ́yìn ẹni mímọ́ dípò òkè àti igi: kò sí àárọ̀, kò sí alẹ́ níbẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn la fi ń bẹ̀rẹ̀ ojú, a óò wá máa gbé èyí tó mọ́lẹ̀ lé e lórí, ìpele lórí ìpele, títí ojú náà yóò fi dà bí ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ń tinú rẹ̀ jáde. Ojú tóbi nítorí ó ti rí Olúwa. Ẹnu kéré nítorí ó ti dákẹ́. Imú tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí kì í ṣe òórùn ayé yìí ló ń gbọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ Pétérù tí ẹ ní kò kanlẹ̀, Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. A ò yà á bí ẹni tí ìwúwo rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀, nítorí ara àjíǹde la fẹ́ fi hàn.

Ní ti pé ó kọjú síwájú, ohun tó le jù nìyẹn fún mi láti gbà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù báyìí. Ẹni tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ìwọ nìkan lò ń wò ó. Ẹni tó kọjú sí ọ, ó ń wò ọ́. Nínú àwòrán tí ìtàn wà, wọ́n lè yíjú díẹ̀ síra wọn, ṣùgbọ́n ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Júdásì àti àwọn ẹ̀mí èṣù ni wọ́n sábà máa ń fi ojú kan ṣoṣo yà. Àpótí ìtìsẹ̀ tí a máa ń yà sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni mímọ́ tó jókòó náà ní tirẹ̀. Ní pólì, wọ́n kọ́ wa pé ìlà méjì á máa súnmọ́ra bí ó bá ṣe ń jìnnà, títí wọn á fi pàdé nínú àwòrán. Níbí, àpótí máa ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró ń gbàdúrà ni àwọn ìlà náà ń bọ̀ wá pàdé. Ọ̀gá ní àwọn àtijọ́ ò fi ìwé sílẹ̀ tó ṣàlàyé èyí, àwọn tó tẹ̀lé wọn ló sọ bó ṣe yé wọn. Èmi gbà á.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ á sọ pé ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òfin kejì ńkọ́? Àwọn náà bi ara wọn, kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n sì fi bi í. Ní ayé àtijọ́, àwọn ọba wọn gan-an pàṣẹ kí wọ́n fọ́ àwòrán wọ̀nyí, kí wọ́n kùn wọ́n, kí wọ́n jó wọn, nítorí ohun tí ẹ sọ yìí náà, Bàbá. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà jà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n na àwọn àlùfáà, wọ́n lé àwọn mìíràn kúrò nílùú. Ohun tí wọ́n fi parí ìjà ni pé Ọlọ́run tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, kò sẹ́ni tó lè yà á. Ṣùgbọ́n Jésù gbé ara wọ̀, wọ́n fọwọ́ kàn án, ó jẹ ẹja. Ẹni tó bá ní a ò lè ya ojú rẹ̀, ó ń fẹ́ sọ pé kò di èèyàn lóòótọ́. Wọ́n ní ìsìn, ti Ọlọ́run nìkan ni. Ọ̀wọ̀ la ń fún àwòrán, ọ̀wọ̀ náà kì í sì dúró lára igi, ó ń kọjá lọ bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nítorí náà la ṣe gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sí i. Bí a ò bá tíì kọ orúkọ, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wá wo ṣọ́ọ̀ṣì náà. Kò yẹ kó ṣòro fún àwa. Bọ̀ọ̀dá Délé ń dọ̀bálẹ̀ fún yín láàárọ̀, èmi ń kúnlẹ̀. Òyìnbó tó kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ lè rò pé a ń bọ yín ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ìkíni kì í ṣe ìsìn, ẹ sì kọ́ wa pé Ọlọ́run tó ní ká má yá ère náà ló ní kí Mósè fi wúrà ṣe kérúbù. Ẹ wá ní Pétérù mi jẹ́ ère tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ. Bàbá, ọ̀rọ̀ yín gan-an ló gbè mí. Ère a máa dúró ní àyè tirẹ̀, èèyàn a lè yí i po, a lè gbá a mọ́ra, òjìji rẹ̀ a máa bà lé ilẹ̀ bíi ti èèyàn, títí ọkàn yóò fi gbàgbé pé igi ni. Ìyẹn ni àwọn wọ̀nyí ń sá fún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó má bàa di ère. Kò sẹ́ni tó máa wo Pétérù mi kó rò pé èèyàn ló dúró níbẹ̀. Ohun tí ẹ pè ní àléébù rẹ̀ ni ẹ̀rí pé wọ́n bẹ̀rù òfin tí ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí kí n tó dákẹ́. Fọ́tò yín wà lára ògiri pálọ̀ wa, èyí tí ẹ yà lọ́dún tí wọ́n fi yín joyè kátíkíìsì. Èmi wà níbẹ̀, mo ń di bàtà yín mú. Ayafọ́tò ní kí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ẹ rẹ́rìn-ín, pé bó ṣe lòde nìyẹn. Ẹ wò ó láti òkè délẹ̀, ẹ bi í pé ṣé ẹ jí nǹkan ni tí ẹ ó fi máa wo ẹ̀gbẹ́. Ẹ jókòó, ẹ kọjú síwájú, etí méjèèjì hàn, ẹ gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Ẹ ní ọmọ-ọmọ yín tó bá wo fọ́tò náà lẹ́yìn ọ̀la, ẹ fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń wo òun. Kò sẹ́ni tó sọ nígbà náà pé ayafọ́tò ò mọṣẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ fún ara yín ni àwọn Gíríìkì fẹ́ fún Pétérù.

Ní Monday tó ń bọ̀, Ọ̀gá àti èmi máa gun irin tí wọ́n tò bí àkàbà lọ sókè ṣọ́ọ̀ṣì náà láti bẹ̀rẹ̀ ojú Jésù tí yóò máa wo gbogbo ìjọ láti inú òrùlé. Ibẹ̀ ga, n kò sì fẹ́ràn ibi gíga láti kékeré. N ó gùn ún bẹ́ẹ̀ náà. Bí ẹ bá rò pé ẹ lè fi àdúrà tí ẹ dá dúró fà mí sọ̀kalẹ̀, Bàbá, ẹ dárí jì mí, n kò ní sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bí mi, ibi tí mo ti rí agídí yìí ò jìnnà.

Olúwa yóò fún ẹ̀yin àti Màámi ní ẹ̀mí gígùn nínú àlàáfíà. Ilé wa ò ní dàrú, ìjọ wa ò ní tú ká, òpó ilé wa ò ní yẹ̀. Ẹ bá mi kí Àǹtí Bísí, ẹ bá mi kí àwọn akọrin, ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá bèèrè mi, àti ẹni tí kò bèèrè pàápàá. Ohun kan ló kù. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í mú búrọ́ọ̀ṣì kí a tó gbàdúrà. Ọ̀gá á dárúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ lédè Gíríìkì, èmi náà á sì dárúkọ àwọn èèyàn mi ní Yorùbá. Orúkọ yín ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Mo pè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí lẹ́tà Bọ̀ọ̀dá Délé dé, mo pè é lónìí, n ó sì pè é lórí irin lọ́jọ́ Monday.

Èmi ni,
ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀.